Ọ̀rọ̀ Ìṣẹ́jú Márùn-ún Níwájú Àwọn Olùdókòwò: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Olùdásílẹ̀ Ilé Iṣẹ́ Omi Èso

Kí ni àwọn olùdókòwò ń retí nígbà tí wọ́n bá ní kí olùdásílẹ̀ sọ ibi tí orúkọ ọjà rẹ̀ ń lọ?

Wọ́n ń retí ìlérí kan ṣoṣo tí ilé iṣẹ́ náà lè mú ṣẹ lórí gbogbo ìgò tó bá ń tà, wọ́n sì fẹ́ mọ iye tí ìmúṣẹ ìlérí náà yóò náni. Ọ̀pọ̀ olùdásílẹ̀ máa ń fi ìṣẹ́jú tí wọ́n fún wọn sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ ìgò, àwòrán ara rẹ̀ àti gbólóhùn ìpolówó. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n omi èso jẹ́ ọjà tí oníbàárà ń fi ẹnu ara rẹ̀ tọ́ wò lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ rà á, bí ohun tó wà nínú ìgò bá sì yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kò ní padà wá.

Ọ̀nà kan wà tí a fi ń mọ ìlérí tó nítumọ̀: ìlérí gidi máa ń ka nǹkan kan léèwọ̀ fún ilé iṣẹ́. Bí olùdásílẹ̀ bá ní, “Omi èso wa dára, ó sì ń ṣara lóore,” kò tíì ka ohunkóhun léèwọ̀ fún ara rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń ta omi èso tí kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ní, “A kì í fi ṣúgà sí i, a kì í sì í bu omi là á,” ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀nà méjì tó rọrùn jù lọ láti fi mú kí ọjà pọ̀ nígbà tí èso bá wọ́n. Olùdókòwò tó gbọ́ èyí yóò béèrè lójú ẹsẹ̀ pé kí ni wọ́n máa ṣe nígbà tí ọ̀pẹ òyìnbó bá di ọ̀wọ́n. Ìbéèrè yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ kúkurú yìí gbọ́dọ̀ ti múra sílẹ̀ fún.

Ǹjẹ́ mo lè fi “tútù yọ̀yọ̀, a kò fi iná kàn án” ṣe ìlérí orúkọ ọjà mi?

Ẹ lè fi ṣe é bí ẹ bá mọ ohun tó so mọ́ ọn. Ìtàn tí gbogbo olùdásílẹ̀ ilé iṣẹ́ omi èso yẹ kó mọ̀ ni ti Odwalla, ilé iṣẹ́ kan ní California tó fi omi èso tí a kò fi iná kàn di olókìkí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1996, omi ápù rẹ̀ tí wọn kò fi iná kàn gbé kòkòrò àìsàn E. coli O157:H7 dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà ní ìpínlẹ̀ mélòó kan ní Amẹ́ríkà àti ní Kánádà. Àwọn tó ṣàìsàn lé ní 60, ọmọdé kan sì kú. Ìlérí tí orúkọ Odwalla dúró lé ni pé omi náà wà bó ṣe jáde láti inú èso, ohun tó sì mú kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ ni ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àìsàn náà. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná kan omi rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó sì ní láti tún ìtàn tó ń sọ fún oníbàárà tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà náà ṣe òfin tó ní kí ilé iṣẹ́ omi èso máa lo ọ̀nà kan tí yóò dín kòkòrò àìsàn kù ní ìlọ́po 100,000.

Bí ẹ bá fẹ́ dúró lórí ìlérí “tútù”, ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe nípa kòkòrò kí wọ́n tó bi yín. Omi ọ̀pẹ òyìnbó àti omi ọsàn kan dáadáa, ìwọ̀n pH wọn, ìyẹn òṣùwọ̀n kíkan tó máa ń kéré sí i bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i, kì í sábà tó 4.6, èyí sì ń dí ọ̀pọ̀ kòkòrò lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pa gbogbo wọn. Omi ápù tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yìí náà kan, síbẹ̀ kòkòrò àìsàn wà nínú rẹ̀. Wọtamẹ́lọ̀n ni ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún jù, nítorí pH rẹ̀ máa ń lé ní 5. Ẹni tó ń ta omi wọtamẹ́lọ̀n láìfi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí nǹkan kíkan mìíràn sí i, láìfi iná kàn án, tó sì ń kó o lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí iná ń lọ tó ń bọ̀, ń fi ìlera ẹlòmíràn wéwu. Mo rọ̀ yín kí ẹ má ṣe fi irú ọjà bẹ́ẹ̀ ṣe àkọ́kọ́ nínú ohun tí ẹ fẹ́ fi gba owó.

Ṣé ó ṣe pàtàkì bóyá mo pe ọjà mi ní omi èso tàbí ohun mímu èso?

Ó ṣe pàtàkì gan-an, nítorí ibẹ̀ ni olùdókòwò tó mọ iṣẹ́ náà ti máa ń dán olùdásílẹ̀ wò. Ìlànà àgbáyé lórí oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní Codex, èyí tó jáde ní ọdún 2005, ya omi èso sọ́tọ̀ kúrò lára néktà, ìyẹn omi èso tí wọ́n bu omi sí, tí wọ́n sì lè fi ṣúgà tàbí oyin sí. Néktà ọsàn gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ omi ọsàn, ti máńgòrò sì lè jẹ́ 25, nítorí máńgòrò ki jù láti mu lásán. Èyí tí èso inú rẹ̀ bá kéré sí ìwọ̀nyí kò lè jẹ́ orúkọ méjèèjì, ohun mímu èso lásán ni. Kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ta néktà, tó sì ń pè é ní omi èso pátápátá níwájú àwọn tó fẹ́ fowó sí òwò rẹ̀, ti ba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́ kó tó parí.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀: ní ọdún 2022, òfin ìnáwó mú owó orí 10 náírà lórí lítà kan wá fún ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò àti èyí tí a fi ṣúgà dùn. Olùdásílẹ̀ tó bá ń sọ pé òun kì í lo ṣúgà lè mẹ́nu kan èyí nínú gbólóhùn kan, kó sì tẹ̀ síwájú.

Báwo ni mo ṣe lè fi owó hàn nínú ọ̀rọ̀ tó dá lórí orúkọ ọjà?

Ẹ mú ìgò kan ṣoṣo, kí ẹ sì tọ owó rẹ̀ láti orí pátákó ṣọ́ọ̀bù padà sí oko. Ẹ jẹ́ kí a fi ilé iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, tó ń ṣe omi ọ̀pẹ òyìnbó, atalẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ ní Abẹ́òkúta. Mo yan àwọn iye owó yìí kí ìṣirò lè rọrùn, ẹ ó sì fi tiyín rọ́pò wọn. Wọ́n ń ta ìgò náà ní 1,200 náírà fún oníbàárà, ṣọ́ọ̀bù mú 300 níbẹ̀, ó ku 900 fún ilé iṣẹ́. Èso gba 330, ìgò pẹ̀lú ìdérí àti bébà ara rẹ̀ gba 210, iná àti owó òṣìṣẹ́ gba 140, gbígbé e lọ nínú òtútù sì gba 90. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 770, èrè sì jẹ́ 130 náírà lórí ìgò kan.

Títí dé ibí, ìṣirò náà dára lójú. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùdásílẹ̀ kì í fi kún un ni àwọn ìgò tó ń padà wá. Omi tí a fi iná díẹ̀ kàn, tí a kò sì fi oògùn ìpamọ́ sí, kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́ bí fíríìjì ṣọ́ọ̀bù kò bá ṣiṣẹ́. Ìdérí á wú, ìgò á le gbandi, atẹ́gùn á sì tú jáde nígbà tí a bá ṣí i, nítorí ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ àti ara èso ti ń sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí. Bí ìgò 8 bá padà báyìí nínú 100, ìgò 92 ni owó wọn wọlé, ìyẹn 82,800 náírà, ṣùgbọ́n 100 ni ilé iṣẹ́ ti náwó lé lórí, ìyẹn 77,000. Èrè tó yẹ kó jẹ́ 13,000 ti di 5,800. Lórí ìgò kan, 130 ti di 58.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọ̀rọ̀ orúkọ ọjà àti ọ̀rọ̀ owó kò ṣeé yà nípa nínú iṣẹ́ omi èso. Ìlérí pé a kì í fi oògùn ìpamọ́ sí i ni ó kó ìgò 8 wọ̀nyẹn padà wá. Olùdásílẹ̀ ní láti yàn: ó lè fi oògùn ìpamọ́ sí i, ó lè fi iná tó gbóná gan-an kàn án kó lè dúró lórí pátákó fún oṣù mélòó kan, adùn rẹ̀ á sì sún mọ́ ti èso sísè, ó sì lè pa ìlérí mọ́, kó náwó sórí òtútù. Bó bá yan iná, kó rántí pé bí wọ́n bá rọ omi tó gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 85 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ̀sì sínú ìgò oníke lásán, ìgò náà á ká kò. Irú èyí tí wọ́n ṣe fún ooru ni yóò rà, ó sì wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ǹjẹ́ ẹ lè kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?

Èyí ni bí olùdásílẹ̀ ilé iṣẹ́ Abẹ́òkúta tí a fi ṣe àpẹẹrẹ ṣe lè sọ tirẹ̀:

“Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà wa. A dúpẹ́ pé ẹ fún wa láyè.

Omi ọ̀pẹ òyìnbó là ń ṣe, ní Abẹ́òkúta. Ohun mẹ́ta ló wà nínú ìgò wa, ìyẹn ọ̀pẹ òyìnbó, atalẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́. A kì í fi ṣúgà sí i, a kì í bu omi là á, a kì í sì í fi oògùn ìpamọ́ sí i. A ń fi iná díẹ̀ kàn án kí kòkòrò àìsàn má baà wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà a ó gbé e sínú òtútù, kò sì ní jáde kúrò nínú òtútù títí ẹni tó rà á yóò fi mu ún. Ìlérí tí orúkọ wa dúró lé nìyí.

Ṣọ́ọ̀bù 24 là ń tà sí báyìí, a sì ń gbé ìgò 12,000 jáde lóṣù. Ṣọ́ọ̀bù 19 nínú wọn ló ti ń pè wá fúnra wọn láti béèrè ọjà kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn 5 tó kù kò pè wá, a sì ti mọ ìdí rẹ̀: fíríìjì wọn kì í ṣiṣẹ́ lóru, omi wa sì ń bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nínú ìgò 100 tí a bá gbé jáde, 8 ló ń padà wá. Èyí ń sọ èrè wa lórí ìgò kan di 58 náírà dípò 130.

Àwọn kan ti gbà wá nímọ̀ràn pé kí a fi oògùn ìpamọ́ sí i, kí a lè máa gbé e dé Kánò. A kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń rà wá lọ́wọ́ ń sọ fún wa ni pé ó dà bí omi èso tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fún nílé. Bí a bá yí ìyẹn padà, a ó di ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ páálí tó wà lórí pátákó, àwọn tó ni páálí wọ̀nyẹn sì lówó jù wá lọ.

Ibi tí a ń lọ nìyí. Fún ọdún méjì tó ń bọ̀, a kò ní tà sí ibi tí ọkọ̀ wa kò lè dé láàárín wákàtí méjì. A fẹ́ gbé fíríìjì tiwa, tó lè pa òtútù mọ́ nígbà tí iná bá lọ, sí ṣọ́ọ̀bù 25, kí a ra ọkọ̀ olótùútù kan, kí ṣọ́ọ̀bù wa sì di 44. 30 mílíọ̀nù náírà là ń béèrè. 15 mílíọ̀nù jẹ́ ti fíríìjì, 12 jẹ́ ti ọkọ̀, 3 tó kù sì jẹ́ owó tí a ó san fún àwọn àgbẹ̀ ṣáájú kí èso tó wọ́n. Bí ìgò tó ń padà bá di 2 nínú 100, èrè wa lórí ìgò kan yóò di 112 náírà.

Ìgò tó wà níwájú yín wá láti ṣọ́ọ̀bù, a kò ṣà á lẹ́ṣà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́ ọ wò.”

Kí ló dé tí olùdásílẹ̀ náà fi sọ àṣìṣe ṣọ́ọ̀bù 5 yẹn jáde fúnra rẹ̀?

Nítorí ohun tó fẹ́ fi owó náà ṣe ti inú rẹ̀ jáde. Bí kò bá sọ pé ìgò ń padà wá, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi ra fíríìjì fún ṣọ́ọ̀bù tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ wò ó pẹ̀lú pé kò di gbogbo ẹ̀bi ru iná mànàmáná, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé oníbàárà kò fẹ́ràn ọjà òun. Ó ya ọ̀ràn adùn sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀ràn òtútù. Iye àwọn tó ń pè fúnra wọn ló fi ya méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí ẹni tó ń padà ra ọjà ni ẹlẹ́rìí tó lágbára jù ní ọ̀rọ̀ orúkọ ọjà. Àwọn tó wulẹ̀ tọ́ ọ wò níbi àríyá tí wọ́n sì ní ó dùn kò tíì jẹ́rìí sí nǹkan kan.

Kí ni ìbéèrè tó le jù tí wọ́n lè bi í lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà?

Ẹnì kan yóò mú ìṣirò jáde. Bí ìgò 12,000 bá ń jáde lóṣù, tí èrè sì ga láti 58 sí 112, àfikún rẹ̀ jẹ́ 648,000 náírà lóṣù. Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan, 30 mílíọ̀nù yóò gba nǹkan bí oṣù 46 kó tó padà, kò sì sí olùdókòwò tí yóò fi ọkàn tútù gba irú èyí. Olùdásílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn lẹ́nu. Ṣọ́ọ̀bù 24 ń gbé ìgò 500 lóṣù ní ìpíndọ́gba. Bí 44 bá gbé iye kan náà, ìgò 22,000 ni yóò máa jáde, èrè rẹ̀ lóṣù yóò sì jẹ́ 2,464,000 dípò 696,000 tó wà nílẹ̀ báyìí. Àfikún rẹ̀ jẹ́ 1,768,000, owó náà yóò sì padà ní nǹkan bí oṣù 17, kí a tó yọ owó ilé, owó ọ̀gá iṣẹ́ àti àtúnṣe ẹ̀rọ.

Níbẹ̀ ni ìbéèrè kejì yóò ti yọjú: ta ló sọ pé ṣọ́ọ̀bù tuntun yóò tà tó ti àtijọ́? Ìdáhùn òtítọ́ ni pé ṣọ́ọ̀bù tuntun kì í sábà tà tó bẹ́ẹ̀ ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Nítorí náà, kí olùdásílẹ̀ tún ìṣirò náà ṣe pẹ̀lú ìgò 300 fún ṣọ́ọ̀bù tuntun kọ̀ọ̀kan, kó sì mú un lọ́wọ́ wá. Ìgò 18,000 ni yóò jẹ́, àfikún èrè sì di 1,320,000, èyí tó túmọ̀ sí nǹkan bí oṣù 23. Ó sàn kí iye yìí ti ẹnu tirẹ̀ jáde ju kí ẹlòmíràn ṣírò rẹ̀ fún un lọ.

Mo fẹ́ yí àwòrán ara ìgò padà. Ṣé kí n kéde rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ mi?

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Tropicana. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, PepsiCo, tó ni orúkọ náà nígbà yẹn, yí páálí omi ọsàn rẹ̀ padà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n mú àwòrán ọsàn tí wọ́n ki ìfàmu bọ̀ kúrò, wọ́n sì fi ìfe kan tí omi ọsàn wà nínú rẹ̀ rọ́pò. Omi inú páálí kò yí padà rárá. Síbẹ̀, láàárín oṣù méjì, ọjà náà ti já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí oṣù kejì sì ń parí lọ, ilé iṣẹ́ náà kéde pé àwọn ń dá páálí àtijọ́ padà. Àwọn oníbàárà kò rí ohun tí wọ́n ti mọ́ ojú wọn mọ́ lórí pátákó, páálí tuntun náà sì dà bí irú èyí tí ṣọ́ọ̀bù ń fi orúkọ ara rẹ̀ tà lówó pọ́ọ́kú.

Bí àwòrán yín kò bá dí ìlérí yín lọ́wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá pọn dandan kí ẹ yí i padà, ẹ mọ ohun kan tí àwọn oníbàárà fi ń dá a mọ̀ láti òkèèrè, yálà àwọ̀ ìdérí ni tàbí àwòrán èso, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án. Ẹ gbé tuntun náà sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin, ẹ fi àtijọ́ sílẹ̀ ní mẹ́rin mìíràn tó jọ wọ́n, kí ẹ sì fi ọjà wọn wéra fún oṣù méjì kí ẹ tó tẹ bébà tó pọ̀. Èsì ìyẹn ni ẹ lè mú wá síwájú olùdókòwò.

Irú ìgò wo ni kí n gbé síwájú wọn?

Ìgò tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn tàbí ní àná rẹ̀. Èyí tí ẹ fún ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà yóò dùn ju èyí tí oníbàárà ń mu lọ, bí ẹnì kan nínú wọn bá sì ti ra ọjà yín rí, yóò mọ̀. Ẹ gbé e sínú àpótí oníyìnyín, kí ẹ sì pín in fún wọn ní ìparí. Bí ẹ bá pín in ní ìbẹ̀rẹ̀, ìgò ni wọn yóò máa wò nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ owó.

Àwọn ìwé wo ni ó yẹ kó wà lọ́wọ́ mi?

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ NAFDAC fún ọjà náà gan-an, kì í ṣe fún ọjà mìíràn tí ilé iṣẹ́ yín ń ṣe. Àkọsílẹ̀ ìgò tó jáde àti èyí tó padà láti ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní oṣù mẹ́fà. Àti àkọsílẹ̀ adùn àti kíkan omi náà fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ṣe é. Ọ̀pẹ òyìnbó ìgbà òjò àti ti ẹ̀ẹ̀rùn kì í dùn bákan náà, olùdókòwò tó gbọ́n yóò sì fẹ́ rí bí ẹ ṣe ń mú kí ìgò oṣù kẹjọ jọ ti oṣù kejì láìfi ṣúgà sí i. Bí ẹ bá ń po èso tó pọ́n gan-an mọ́ èyí tí kò tíì pọ́n tó, tí ẹ sì ń fi ẹ̀rọ wo adùn rẹ̀ kí ẹ tó rọ ọ́ sínú ìgò, àkọsílẹ̀ yẹn yóò fi hàn.